Ọmọ tó ń gbé orúnkún sókè jù: bí a ṣe lè ka ìgbésẹ̀ ènìyàn

Wọ́n ní ẹrù amúkùn-ún wọ́, ó ní òkè ni wọ́n ń wò, wọn ò wo ìsàlẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ ìrìn, ohun tí ojú wa kọ́kọ́ rí kì í sábà jẹ́ ibi tí ọ̀ràn wà. Orúnkún lè máa ga jù nígbà tó jẹ́ pé ojúgun ni kò ṣiṣẹ́. Èjìká lè máa fì sí ẹ̀gbẹ́ nígbà tó jẹ́ pé ìgbáròkó ni àìsàn wà. Àwa tí a ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ di olùkọ́, a máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà kíláàsì láàárọ̀, kí wọ́n wo bí àwọn ọmọ ṣe ń rìn wọlé. Ọmọ kékeré lè má mọ bó ṣe máa ṣàlàyé ohun tó ń ṣe é, ṣùgbọ́n ìrìn rẹ̀ ò ní fi pamọ́.

Kí a tó lè mọ ìrìn tó bàjẹ́, a ní láti mọ bí èyí tó dáa ṣe rí. Àwọn dókítà àti àwọn tó ń tún ẹsẹ̀ kọ́ ní ìrìn, àwọn tí a ń pè ní kinẹ́ lédè Faransé, ní ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń ka ìgbésẹ̀. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí gìgísẹ̀ ọ̀tún kan ilẹ̀, wọ́n á máa kà á títí gìgísẹ̀ ọ̀tún yẹn kan náà yóò fi tún kan ilẹ̀. Ìyẹn ni ìyípo kan. Tí àgbàlagbà bá ń rìn jẹ́jẹ́, ìyípo yìí máa ń gba bíi ìṣẹ́jú àáyá 1 tàbí kó lé díẹ̀. Kò pẹ́ rárá, ìdí nìyẹn tí ojú fi máa ń fò ó.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìyípo kan jẹ́ 100 fúráńkì. Ẹsẹ̀ ọ̀tún yóò ná 60 lórí ilẹ̀, yóò sì ná 40 tó kù nínú afẹ́fẹ́. Ẹsẹ̀ òsì ń ṣe bákan náà, àmọ́ wọn kì í jọ bẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá ṣe ìṣirò rẹ̀, ẹ óò rí i pé 60 ju ìdajì lọ, tó fi hàn pé àwọn ìgbà kan wà tí ẹsẹ̀ méjèèjì jọ wà nílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni èyí máa ń ṣẹlẹ̀ nínú ìyípo kan, 10 àti 10. Tí ènìyàn bá sáré, ìgbà méjèèjì yìí á parẹ́, ẹsẹ̀ méjèèjì á sì máa kúrò nílẹ̀ pọ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìrìn àti eré sísá gan-an nìyẹn.

Kì í ṣe òní ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ Faransé kan tó ń jẹ́ Étienne-Jules Marey dá ibùdó kan sílẹ̀ ní Paris ní ọdún 1882, níbi tó ti ń ya fọ́tò ènìyàn àti ẹranko tó ń rìn, tí àwòrán púpọ̀ á tò tẹ̀léra lórí dígí kan ṣoṣo. Lẹ́yìn náà, ní California, dókítà obìnrin kan, Jacquelin Perry, àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ pín ìyípo yìí sí apá 8, wọ́n sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní orúkọ. Àwọn kinẹ́ níláti mọ gbogbo rẹ̀. Fún tiwa, mẹ́rin tó.

Èkíní, gìgísẹ̀ kan ilẹ̀. Èkejì, àtẹ́lẹsẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ tán, gbogbo ara wá gun orí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo náà. Ẹ̀kẹta, gìgísẹ̀ gbéra, ọmọ ìka ti ilẹ̀ sẹ́yìn. Ẹ̀kẹrin, ẹsẹ̀ fò kọjá nínú afẹ́fẹ́ láti lọ bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Nítorí náà, tí ẹnì kan bá ń tiro, ìbéèrè àkọ́kọ́ kì í ṣe “kí ló ń dùn ún?” Ohun tí a óò kọ́kọ́ bi ara wa ni pé ṣé ìgbà tí ẹsẹ̀ yẹn wà nílẹ̀ ni nǹkan ń bàjẹ́, tàbí ìgbà tó wà lókè?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Nígbà tí ẹsẹ̀ bá ń kọjá nínú afẹ́fẹ́, ààyè tó máa ń wà láàárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ àti ilẹ̀ kò ju bíi santimítà 1 sí 2 lọ, bí ìbú ìka ọwọ́ kan. Ó kéré gan-an! Kí ẹsẹ̀ tó lè kọjá láìkọsẹ̀, ó ní láti kúrú fún ìgbà díẹ̀: itan á gbéra, orúnkún á ká, ọrùn ẹsẹ̀ náà á gbé iwájú ẹsẹ̀ sókè. Iṣan kan tó wà níwájú ojúgun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ eegun, ló ń ṣe iṣẹ́ ìkẹyìn yìí. Ẹ gbé ọwọ́ yín lé ojúgun, kí ẹ gbé ọmọ ìka ẹsẹ̀ sókè láìgbé gìgísẹ̀, ẹ óò mọ̀ ọ́n lábẹ́ ọwọ́ yín bó ṣe ń le.

Iṣan yìí kan náà ní iṣẹ́ kejì tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ò mọ̀. Lẹ́yìn tí gìgísẹ̀ bá ti kan ilẹ̀, òun ló ń rọra sọ iwájú ẹsẹ̀ kalẹ̀, bí ẹni tó ń sọ korobá sínú kànga, tó ń tú okùn náà díẹ̀díẹ̀. Tí okùn bá já, korobá á já bọ́. Tí iṣan yìí bá kú, àtẹ́lẹsẹ̀ á gbá ilẹ̀ “pà!” Nítorí náà a lè gbọ́ àìsàn yìí kí a tó rí i, pàápàá lórí sìmẹ́ńtì.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká ro ọmọkùnrin ọlọ́dún 8 kan, irú èyí tí àwọn dókítà ń rí léraléra ní ilẹ̀ wa. Ibà mú un. Wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ ní ìdí ọ̀tún. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni ọmọ náà figbe ta, ó ní iná ń jò láti ìdí òun lọ sí ẹsẹ̀. Àwọn òbí rẹ̀ rò pé ìrora abẹ́rẹ́ lásán ni. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, kò lè gbé ọmọ ìka ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè mọ́. Ibà lọ, ẹsẹ̀ ò bọ̀ sípò.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ó padà sí ilé ẹ̀kọ́. Tí ó bá ń rìn, á gbé orúnkún ọ̀tún sókè bí ẹni tó ń gun àtẹ̀gùn lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi í ṣe ẹlẹ́yà, wọ́n ní ó ń rìn bí àkùkọ. Ọmọ ìka ni ń kọ́kọ́ kan ilẹ̀ dípò gìgísẹ̀. Sálúbàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún ti jẹ níwájú, ti òsì ṣì dáa. Àwọn Faransé ń pe ìrìn yìí ní sitẹpáàjì. Ṣé ẹ rí i pé orúnkún tó ń ga yẹn kì í ṣe àìsàn? Ọgbọ́n tí ara dá ni. Iwájú ẹsẹ̀ ń rọ̀ sílẹ̀, ààyè santimítà kan yẹn ti lọ, ara wá ń fi orúnkún àti itan san gbèsè ọrùn ẹsẹ̀. Ẹni tó bá sọ fún ọmọ náà pé “má gbé orúnkún bẹ́ẹ̀ mọ́, rìn dáadáa” ń sọ fún un pé kó máa kọsẹ̀ ni.

Àyẹ̀wò mẹ́ta kan wà tí olùkọ́ tàbí òbí lè ṣe láìní irinṣẹ́ kankan. Ẹ gbé ọmọ náà jókòó sórí bẹ́ǹṣì gíga kí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ̀, kí ẹ ní kó fa ọmọ ìka méjèèjì sókè sí ojúgun. Tiwa yìí, òsì gbéra, ọ̀tún ò gbéra. Lẹ́yìn náà ẹ ní kó fi gìgísẹ̀ nìkan rìn. Kò lè ṣe é ní ọ̀tún. Ẹ wá ní kó fi orí ọmọ ìka rìn. Ó ṣe é! Ohun kékeré kọ́ ni àyẹ̀wò ìkẹyìn yìí ń sọ. Ó ń sọ pé iṣan tó wà lẹ́yìn ojúgun ṣì ní agbára, pé ti iwájú nìkan ló sùn. Ẹ tún fọwọ́ kan òkè ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ó di ojú, kó sọ ìgbà tí ẹ kàn án. Ọmọ yìí kò mọ̀ ọ́n dáadáa lókè ẹsẹ̀ ọ̀tún.

Kí ló fa èyí? Ohun kan wà nínú ara tí Faransé ń pè ní nẹ́ẹ̀fù. Ó dà bí wáyà iná: òun ló ń gbé àṣẹ láti ọpọlọ lọ bá iṣan, tó sì ń gbé ìmọ̀lára padà. Èyí tó tóbi jù nínú gbogbo wọn gba inú ìdí kọjá, ó sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn itan, ó sì pín sí méjì lókè orúnkún. Ẹ̀ka kan lọ sẹ́yìn ojúgun. Ẹ̀ka kejì yí eegun kékeré tó wà lóde, nísàlẹ̀ orúnkún, ó sì lọ bá iṣan iwájú ojúgun. Àwọn méjèèjì ti wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú àpò kan náà láti òkè wá, èyí tó ń lọ síwájú ló sì wà ní apá òde. Ìdí nìyí tí abẹ́rẹ́ tó bá ṣìnà nínú ìdí fi sábà máa ń ba ti iwájú jẹ́, tí ti ẹ̀yìn á sì yè bọ́.

Ẹ fi ìlà méjì pín ẹ̀bá ìdí kan sí mẹ́rin, bí àgbélébùú. Igun òkè, ní apá òde, nìkan ni wọ́n ń kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì láti gún. Àárín àti ìsàlẹ̀ ni nẹ́ẹ̀fù ńlá yẹn ń gbà kọjá. Ọmọ tó tín-ínrín kò ní ẹran púpọ̀ níbẹ̀, nítorí náà iwájú itan, ní apá òde, ló dáa jù fún ọmọdé. Kì í tún ṣe ìmú abẹ́rẹ́ nìkan ló ń ṣèpalára. Oògùn bíi kiníìnì máa ń jó ẹran tó bá dà sí, ó sì lè ba nẹ́ẹ̀fù jẹ́ bí abẹ́rẹ́ ò tilẹ̀ gún un gan-an. Èyí tó ń dùn wá jù ni pé ibà tí kò le, tí ọmọ ṣì ń mu nǹkan tí kò bì, oògùn tí a ń gbé mì ló yẹ fún un. Fún ibà tó le, atesunáàtì ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ń dámọ̀ràn, inú iṣan ẹ̀jẹ̀ tàbí iwájú itan ni wọ́n sì ń gbà á. Síbẹ̀ àwọn òbí kan ṣì gbà pé láìsí abẹ́rẹ́ nídìí, wọn ò tíì tọ́jú ọmọ.

Ṣùgbọ́n a ò gbọdọ̀ rí sitẹpáàjì ká sáré sọ pé abẹ́rẹ́ ni. Ẹ̀tẹ̀ lè ba nẹ́ẹ̀fù kan náà jẹ́ níbi tó ti yí eegun ẹ̀gbẹ́ orúnkún. Ìyẹn máa ń rọra wọlé ni, fún oṣù púpọ̀, ojú ara kan tó pa àwọ̀ dà tí kò mọ ìfọwọ́kàn sì lè wà níbòmíràn lára. Ẹni tó bá rí èyí, ibùdó kan wà ní Pobẹ̀ tó ń tọ́jú ẹ̀tẹ̀ àti ọgbẹ́ Búrúlì, ilé ìwòsàn àdúgbò náà sì lè júwe ọ̀nà. Pilátìrì tí wọ́n fi di eegun tó ṣẹ́, tó bá fún mọ́ ẹ̀gbẹ́ orúnkún jù, lè fa bákan náà.

Polió ni èyí tí kò gbọdọ̀ ṣe wá lójú fẹ́ẹ́rẹ́. Nínú polió, ibà ló ń ṣáájú, àìlágbára ẹsẹ̀ á máa pọ̀ sí i fún ọjọ́ díẹ̀, ọmọ náà á sì ṣì máa mọ ìfọwọ́kàn. Ẹ rántí pé ọmọ tiwa náà ní ibà kí ẹsẹ̀ tó rọ. Ìdí nìyẹn tí òfin ìlera fi sọ pé ọmọ èyíkéyìí tí kò tíì pé ọdún 15, tí ẹsẹ̀ tàbí apá rẹ̀ bá rọ lójijì, kí wọ́n fi tó ilé ìwòsàn létí kíá, bí ẹ tilẹ̀ mọ̀ dájú pé abẹ́rẹ́ ló fà á. Wọ́n á gba ìgbẹ́ ọmọ náà lẹ́ẹ̀mejì, ó kéré tán wákàtí 24 láàárín, kí ọjọ́ 14 tó pé láti ìgbà tí ẹsẹ̀ ti rọ. Lẹ́yìn ọjọ́ 14, àyẹ̀wò náà kò ní fi bẹ́ẹ̀ ṣeé gbára lé mọ́. Àwọn òbí ọmọ wa dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Ẹ rí i pé díẹ̀ ló kù kí wọ́n pàdánù àyè yẹn.

Ṣé ẹsẹ̀ náà á padà? Ó wà lọ́wọ́ bí nẹ́ẹ̀fù ṣe bàjẹ́ tó. Tó bá jẹ́ pé ó kàn fún pọ̀ ni, ó lè jí láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Tí fọ́nrán inú rẹ̀ bá já ṣùgbọ́n tí awọ ìta rẹ̀ ṣì wà, á tún hù, àmọ́ bíi mìlímítà 1 lóòjọ́ ló ń hù. Ẹ wọn ọmọ ọlọ́dún 8 láti ìdí dé ìsàlẹ̀ orúnkún, ká sọ pé ó jẹ́ santimítà 35, ìyẹn mìlímítà 350. Nítorí náà ọjọ́ 350, bí ọdún kan, ni a ń sọ. Tí ó bá já pátápátá, kò ní hù fúnra rẹ̀. Dókítà ló lè mọ èwo ni, nípa àyẹ̀wò iná tí wọ́n ń ṣe fún iṣan, tí wọn kì í sì í sábà ṣe kó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nítorí pé kò tíì ní fi nǹkan hàn. Tí oṣù mẹ́ta bá kọjá tí kò sí àyípadà kankan, ó yẹ kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ oníṣẹ́ abẹ.

Ọdún kan yẹn kì í ṣe ọdún ìjókòó. Iṣan iwájú ń sùn, ti ẹ̀yìn kò sùn, kò sì sí ẹni tó ń fà á padà mọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni iṣan líle tó wà lókè gìgísẹ̀ á máa kúrú, títí ẹsẹ̀ á fi nà bí ti ẹni tó dúró lórí ìka. Tó bá di bẹ́ẹ̀, bí nẹ́ẹ̀fù tilẹ̀ jí, ọwọ́ á ti bọ́. Iṣan iwájú ò ní lè borí ohun tó ti gan. Nítorí náà lójoojúmọ́, ní ìgbà mélòó kan, kí ìyá tàbí bàbá jẹ́ kí orúnkún ọmọ náà na gbọọrọ, kó di gìgísẹ̀ mú, kó sì fi apá rẹ̀ rọra ti àtẹ́lẹsẹ̀ sí ìhà ojúgun, kó ka 30 kó tó jọ̀wọ́ rẹ̀. Kò gbọdọ̀ dun ọmọ náà. Kinẹ́ lè bá wọn ṣe ìdábùú pílásítíìkì kan tó ń wọnú bàtà, tó ń gbé iwájú ẹsẹ̀ dúró. Ọjọ́ tó bá kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ ni orúnkún tó ń ga yẹn á padà sílẹ̀, èyí tó tún fi hàn pé orúnkún ò ṣẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ohun kan wà tí a fẹ́ kìlọ̀ fún àwọn ìyá àgbà wa, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Omi gbígbóná àti àgbo gbígbóná tí a fi ń jó ẹsẹ̀ lè bó ọmọ yìí lára láìmọ̀, nítorí pé òkè ẹsẹ̀ rẹ̀ kò mọ ìgbóná mọ́. Kí wọ́n máa wo ẹsẹ̀ náà lálaalẹ́ bóyá ọgbẹ́ wà níbẹ̀.

Ẹni tí ẹ̀gbà mú ní ìṣòro tó jọ èyí, ṣùgbọ́n ọgbọ́n tí ara rẹ̀ ń dá yàtọ̀. Iwájú ẹsẹ̀ tirẹ̀ náà kì í gbéra, àmọ́ orúnkún rẹ̀ le gan-an, kò ṣeé ká sókè bí ti ọmọ yẹn. Kí ló kù tí ara lè ṣe? Á yí ẹsẹ̀ náà gba ẹ̀gbẹ́ bí ẹni tó ń fi àdá gé koríko. Fọ́ṣáàjì ni àwọn Faransé ń pè é, láti ara iṣẹ́ gígé koríko gan-an. Wàhálà kan náà, santimítà kan yẹn, ọ̀nà méjì.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀ kalẹ̀ sórí ilẹ̀. Nígbà tí ẹsẹ̀ kan bá wà lókè, gbogbo ara wà lórí ẹsẹ̀ kejì. Ìbàdí dà bí pákó tí a gbé lé òpó kan ṣoṣo ní eteetí: ó yẹ kó ṣubú sí ìhà tí kò ní òpó. Ohun tí kì í jẹ́ kó ṣubú ni iṣan kan tó wà lóde ìgbáròkó, lókè ẹsẹ̀ tó wà nílẹ̀, tó ń fa etí pákó náà sílẹ̀. Tí iṣan yẹn bá rọ, tàbí tí orí eegun itan bá bàjẹ́, ìbàdí á rọ̀ sílẹ̀ sí ìhà kejì. Oníṣẹ́ abẹ ará Jámánì kan, Friedrich Trendelenburg, ló ṣàlàyé èyí ní 1895. Ẹ ní kí ọmọ dúró lórí ẹsẹ̀ òsì fún ìṣẹ́jú àáyá 30, kí ẹ dúró sẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ wo ìgbànú ṣòkòtò. Tí apá ọ̀tún ìgbànú bá ń sọ̀ kalẹ̀, ìgbáròkó òsì ni ẹ óò fura sí. Ọ̀pọ̀ ìgbà ọmọ náà á ju èjìká òsì sí òsì kí ó má baà ṣubú, bí pẹ́pẹ́yẹ tó ń rìn. Òkè lẹ ń wò!

Ní ilẹ̀ wa, ohun kan tó yẹ kó wá sí wa lọ́kàn kíákíá ni àìsàn dirẹpanosítọ́òsì, èyí tí ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ń kọ ní SS. Ẹ̀jẹ̀ tó ń dì lè má dé orí eegun itan mọ́, eegun náà á sì máa kú díẹ̀díẹ̀. Ọmọ náà lè máa sọ pé orúnkún ló ń dun òun, nítorí pé ìrora ìgbáròkó máa ń sọ̀ wá síbẹ̀. Wọ́n á ya rádíò orúnkún, wọ́n á ní kò sí nǹkan kan. Ọmọ SS tó ní orúnkún ń dun òun, tí orúnkún sì dáa, ẹ ní kí wọ́n wo ìgbáròkó. Rádíò ìgbáròkó pàápàá lè má tíì fi nǹkan hàn ní ìbẹ̀rẹ̀, torí náà tí ìrora ò bá lọ, ẹ padà.

Ọ̀pá nìkan ló kù láti sọ níbí, nítorí pé ọ̀pọ̀ ló ń dì í mú sódì. Ẹni tí ìgbáròkó òsì ń dùn, ọwọ́ ọ̀tún ni kó fi di ọ̀pá mú. Ẹ rò ó wò: iṣan ìgbáròkó sún mọ́ òpó gan-an, ìwúwo ara sì jìnnà sí i, nítorí náà iṣan ní láti fà gan-an, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó jókòó sí ibi kúkúrú pákó. Ìdí nìyẹn tí oríkèé ìgbáròkó fi ń ru ìwúwo ara ní nǹkan bí ìlọ́po méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta nígbà tí a bá dúró lórí ẹsẹ̀ kan. Ọ̀pá tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún jìnnà sí ìgbáròkó òsì, títì díẹ̀ níbẹ̀ á ran iṣan náà lọ́wọ́ púpọ̀. Tó bá wà lọ́wọ́ òsì, ó sún mọ́ ọn jù, ara á tún máa fì síbẹ̀.

Títiro tí gbogbo wa mọ̀ jù lọ, ti ìrora, kò gba àlàyé púpọ̀. Ẹsẹ̀ tó ń dun ni á sáré kúrò nílẹ̀, 60 rẹ̀ á dín, èyí tó dáa á sì gba púpọ̀ sí i. Ẹ di ojú, kí ẹ fetí sí i: ìró ẹsẹ̀ kan kúrú, ìkejì gùn. Ẹ̀gún, bàtà tó fún, ọgbẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wo ìwọ̀nyí. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná, tí kò gbà rárá láti fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀, kò gbọdọ̀ sun ilé. Ó lè jẹ́ pé ọyún ti wọ oríkèé ìgbáròkó, ọyún sì lè ba oríkèé náà jẹ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ó dé ilé ìwòsàn.

Tí ẹ bá ń gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà, ẹ ràn án lọ́wọ́. Nínú yàrá kékeré, ọmọ tí ẹ̀rù ń bà kì í rìn bó ṣe ń rìn nílé. Ẹ fi fóònù ya fídíò rẹ̀, kó wọ ṣòkòtò péńpé, kó má wọ bàtà, kó rin ìgbésẹ̀ 10 ní jíjìnnà sí yín àti 10 ní bíbọ̀ wá bá yín. Kí ẹ tún ya á láti ẹ̀gbẹ́, kí fóònù sì wà ní gíga orúnkún rẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ tí títiro bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n gún abẹ́rẹ́ kẹ́yìn àti ibi tí wọ́n gún un sí. Ẹ mú sálúbàtà àtijọ́ méjèèjì dání, má fi bàtà tuntun rọ́pò wọn.